Bí ẹ ṣe lè dá máṣíìnì Síńgà àtijọ́ mọ̀ láti inú fọ́tò, kí ẹ sì díwọ̀n iye tó lè pa

Fọ́tò tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí mi kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Máṣíìnì dúdú kan wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, aṣọ bò ó dé ìdajì, ẹni tó yà á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n, ti ìyá bàbá mi ni o. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Èló ló lè pa?” Mi ò lè sọ. Ẹni tó bá sì dárúkọ iye kan lórí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ fura sí i, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ rà á.

Ohun tó ń mú kí iṣẹ́ yìí bà jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Owó ló máa ń gbẹ̀yìn. A gbọ́dọ̀ mọ ohun tó jẹ́ ná, ìgbà tí wọ́n ṣe é, àti bó ṣe wà. Máṣíìnì ìránṣọ Síńgà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù nínú ilé wa, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì máa ń sọ òótọ́ fún ẹni tó bá lè kà á. Nígbà tí mo bá parí rẹ̀, màá fọwọ́ kan láńtà àti rédíò ní ṣókí.

Bí a ti ń lọ, màá máa sọ ìtàn àbúrò mi kan tó ń gbé ní Mansẹ́sítà. Máṣíìnì ìyá ìyá rẹ̀ wà nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde, àǹtí rẹ̀ ló sì ń bá wa ya fọ́tò. Gbogbo ilé ló gbà pé ọdún 1851 ni wọ́n ṣe máṣíìnì náà, torí pé ọdún yẹn wà lára rẹ̀ gbàgà.

Ohun tí ẹ nílò

Fóònù tó ń ya fọ́tò dáadáa, tọ́ọ̀ṣì kan tí kì í ṣe ti fóònù yẹn, téèpù télọ̀, aṣọ kọ́tìnnì tó gbẹ tó sì mọ́, òróró máṣíìnì díẹ̀, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, àti pẹ́ńsù. Bí ẹ kò bá sí nílé, ẹni tó wà nílé ni kó wá àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ kí ẹ tó pè é, kí ó má baà máa dìde lọ dìde bọ̀ lórí fóònù.

Ìkìlọ̀ kan ṣáájú: ẹ má tíì wẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé eruku ń bí yín nínú. Àwọn òdòdó aláwọ̀ góòlù tó wà lára Síńgà àtijọ́ wà lábẹ́ ìpara kan tí ó ń dán, sípírítì sì máa ń yọ́ ìpara náà. Ẹ bá fi sípírítì tàbí omi ìnu-gíláàsì nù ún, òdòdó yẹn á bá aṣọ lọ lójú yín báyìí, kò sì sí ohun tó lè dá a padà. Eruku kò ba iye owó jẹ́. Ìnujù ló ń bà á jẹ́.

Ìpele 1: Fọ́tò márùn-ún

Ẹ gbé máṣíìnì náà sún mọ́ fèrèsé, ní ọ̀sán, kí oòrùn má sì wọlé bá a tààrà. Ẹ pa fíláàṣì fóònù. Ara dúdú tó ń dán máa ń dá fíláàṣì padà bíi dígí, ohun tí ẹ fẹ́ rí gan-an ni yóò sì di funfun báláú.

Fọ́tò kìíní ni ti iwájú, níbi tí télọ̀ máa ń jókòó sí, kí gbogbo rẹ̀ wọlé láti wíìlì tó wà lápá ọ̀tún dé ibi abẹ́rẹ́ lápá òsì. Ẹ tẹ́ téèpù sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí gígùn rẹ̀ hàn nínú fọ́tò. Ìkejì ni ti òpin apá òsì, ojú irin tó bo ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń lọ sókè sódò. Ìkẹta ni ti ibi tí bọ́bìn ń gbé: ẹ fa irin pẹlẹbẹ tó bò ó sẹ́yìn, kí ẹ ya inú rẹ̀ pẹ̀lú bọ́bìn níbẹ̀. Ìkẹrin ni ti báàjì kékeré tó wà lára òpó máṣíìnì, lápá ọ̀tún. Ìkarùn-ún ni ti nọ́ńbà, èyí tó ṣe pàtàkì jù, tí màá sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yà á láìpẹ́.

Bí ẹ bá lè dojú orí máṣíìnì náà dé díẹ̀, ẹ fi ti abẹ́ rẹ̀ kún un. Orí Síńgà kì í ṣe nǹkan tí ọmọdé ń gbé, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì dì í mú.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe ni fífi ránṣẹ́. Bí fọ́tò bá gba Wásáàpù kọjá bí a ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán, Wásáàpù á fún un, nọ́ńbà kéékèèké á sì di eérú. Ẹ yan `Document` nígbà tí ẹ bá fẹ́ so ó mọ́ ọ̀rọ̀, kì í ṣe `Gallery`, fọ́tò náà á sì dé bí wọ́n ṣe yà á gẹ́lẹ́.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣí fọ́tò báàjì lórí fóònù yín, kí ẹ fi ìka fẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá lè ka lẹ́tà tó kéré jù lára rẹ̀, fọ́tò yín dára. Bí ẹ ò bá lè kà á, ẹ tún un yà kí ẹ tó lọ síwájú. Àǹtí Ìjẹ̀bú tún tirẹ̀ yà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń ráhùn pé, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé máṣíìnì lẹ fẹ́ tà ni àbí ẹ fẹ́ gbé e níyàwó?”

Ìpele 2: Nọ́ńbà

Ẹ wo pẹpẹ máṣíìnì náà, irin pẹrẹsẹ tí aṣọ máa ń kọjá lórí rẹ̀. Lápá ọ̀tún, lẹ́bàá ẹsẹ̀ òpó, wọ́n lu nọ́ńbà kan mọ́ irin. Ọ̀rá àti eruku ọ̀pọ̀ ọdún sábà máa ń kún inú rẹ̀, nítorí náà ó lè dà bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ fi òróró máṣíìnì kán aṣọ kọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ fi pa ojú ibẹ̀ nìkan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kó rẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá nù ún jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti òkè. Ẹ tẹ́ tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa rá pálá lórí irin bí oòrùn àárọ̀ ṣe ń rá pálá lórí ebè. Òjìji á ṣubú sínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà á sì yọ síta. Bí kò bá tún hàn, ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ fi ìhà pẹ́ńsù ra á lọ ra á bọ̀. Ohun tí ojú kò rí, bébà á gbé e jáde. Ẹ ya fọ́tò bébà náà.

Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà náà rèé. Bí kò bá ní lẹ́tà kankan níwájú, tó jẹ́ òǹkà lásán, wọ́n ṣe é ṣáájú ọdún 1900. Bí ó bá ní lẹ́tà kan ṣoṣo, bíi F tàbí Y, ó wà láàárín ọdún márùndínlógójì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Bí ó bá ní lẹ́tà méjì tí èkíní jẹ́ E, tí òǹkà mẹ́fà sì tẹ̀lé e, Kílaídíbáǹkì ní Skọ́tíláǹdì ni wọ́n ti ṣe é, láti 1935 wá sókè. Ilé iṣẹ́ yẹn ṣí ní 1885, ó sì kógbá sílé ní 1980. Títí di òní, ibùdókọ̀ rélùwéè tó wà lẹ́bàá ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ Síńgà. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà nílé wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá, torí pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń kó ọjà wọlé nígbà náà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó máṣíìnì ìránṣọ jọ lágbàáyé, tí orúkọ rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ `ISMACS`, ní tábìlì tí ẹ ti lè wá lẹ́tà yín pẹ̀lú òǹkà rẹ̀ láti mọ ọdún rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: ọdún tó wà nínú tábìlì ni ọdún tí wọ́n pín ọ̀wọ́ nọ́ńbà náà fún ilé iṣẹ́. Máṣíìnì náà gan-an lè jáde ní ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì tún pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹnì kan tó rà á. Nítorí náà, ẹ máa kọ “nǹkan bí ọdún báyìí”.

Ibi mẹ́ta ni àwọn èèyàn ti máa ń ka ọdún tí kì í ṣe ọdún. Àkọ́kọ́ ni irin pẹlẹbẹ tó bo bọ́bìn, tó lè ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ lára, bíi 1886 àti 1888. Ọjọ́ tí ìjọba fún wọn ní ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n iṣẹ́ náà nìyẹn, wọ́n sì ń lu ọjọ́ kan náà mọ́ irin fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì ni irin ẹsẹ̀ abẹ́ tábìlì: ẹsẹ̀ lè dàgbà ju orí lọ, torí pé àwọn télọ̀ máa ń pààrọ̀ orí. Ẹ̀kẹta ni báàjì. Ní 1951, Síńgà pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì ṣe báàjì kan tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù, tí wọ́n kọ 1851 àti 1951 sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ará Ìjẹ̀bú-Òde ti tú nìyẹn. Mo ní kí àǹtí fi àtàǹpàkò nu apá kejì báàjì náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Háà, 1951 tún wà níbí o.” Nọ́ńbà tó yọ lórí bébà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú EG, èyí tó bọ́ sí nǹkan bí 1950 tàbí 1951. Ọgọ́rùn-ún ọdún kan já dànù ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Inú àbúrò mi ní Mansẹ́sítà kò dùn.

Àyẹ̀wò: nọ́ńbà àti báàjì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Báàjì olétí búlúù lórí máṣíìnì tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ti 1910 túmọ̀ sí pé ẹnì kan yọ báàjì ti ibòmíràn lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìpele 3: Irú èwo ni?

Nọ́ńbà ti sọ ìgbà. Ẹ̀yà ara ló ń sọ irú rẹ̀. Nǹkan méjì péré ni ẹ nílò nínú fọ́tò: gígùn pẹpẹ àti bọ́bìn.

Pẹpẹ tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 37 jẹ́ ti máṣíìnì ńlá. Èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 31 ni kékeré tí wọ́n ṣe fún lílò nínú ilé, tí ó sábà máa ń ní ọwọ́ tí a fi ń yí i.

Ẹ wá wo fọ́tò kẹta. Bí bọ́bìn bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń gbé inú irin kékeré kan tó rí bí ọkọ̀ ojú omi, irú tí Síńgà ń pè ní 27 àti 28 ni. Bí bọ́bìn bá róbótó, tó dùbúlẹ̀ sínú ihò lábẹ́ irin pẹlẹbẹ lójú pẹpẹ, 66 ni bí ó bá jẹ́ ńlá, 99 ni bí ó bá jẹ́ kékeré. 201 náà máa ń tẹ́ bọ́bìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ ńlá. Bí bọ́bìn bá nàró, tí ẹ ní láti ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ lápá òsì kí ẹ tó yọ ọ́, tí irin róbótó tó rí bíi kọ́bọ̀, tó ń fún òwú, sì wà ní òpin apá òsì gan-an, 15 ni. 15 yìí ni télọ̀ àdúgbò fẹ́ràn jù. Lẹ́tà K tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn òǹkà, bíi 99K, ń sọ pé Kílaídíbáǹkì ni wọ́n ti ṣe é. Kílíbòwì ni àdúgbò tí ilé iṣẹ́ náà wà níbẹ̀.

Pẹpẹ àǹtí jẹ́ 31, bọ́bìn rẹ̀ dùbúlẹ̀. 99K ni.

Ìkìlọ̀ tó tóbi jù ní ìpele yìí ni ti Bọ́táfíláì, máṣíìnì Ṣáínà tó ní àmì labalábá. Wọ́n ṣe é bí 15 ti Síńgà gẹ́lẹ́, ó dúdú, ó ní òdòdó góòlù, ó sì lágbára. Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn ní in. Ohun tó burú ni pé mo ti rí èyí tí wọ́n ha labalábá rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì lẹ báàjì Síńgà mọ́ ọn lọ́rùn. Nínú fọ́tò, ẹ wo nọ́ńbà: JA1-1 tàbí JA2-1 kì í ṣe nọ́ńbà Síńgà, orúkọ irú Bọ́táfíláì ni. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ náà: Síńgà máa ń lu `SIMANCO` àti òǹkà mọ́ àwọn irin kéékèèké inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí irin kan péré tó ní i, ìyẹn kò tó ẹ̀rí, torí pé wọ́n lè ti pààrọ̀ ìyẹn nìkan. Bí ẹ bá rí i lára mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó dára.

Àyẹ̀wò: ẹ tẹ irú tí ẹ rò pé ó jẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bíi `Singer 99K`, kí ẹ fi fọ́tò yín sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò mẹ́ta tí àwọn ẹlòmíràn yà. Ẹ má wo òdòdó, torí pé òdòdó oríṣiríṣi ló wà lára irú kan náà. Ẹ wo ibi tí kọ́bọ̀ òwú wà, irin ìbòrí bọ́bìn, àti bí igun pẹpẹ ṣe rí. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bá ara wọn mu, ẹ padà sí fọ́tò kẹta.

Ìpele 4: Bó ṣe wà

Ẹni tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ kì í wo ohun tí télọ̀ ń wò. Télọ̀ ń béèrè pé ṣé ó ń ránṣọ. Agbáǹkanjọ ń béèrè pé ṣé ó pé, ṣé wọn ò sì fọwọ́ kàn án.

Nínú fọ́tò iwájú, ẹ wo òdòdó tó wà lójú pẹpẹ níwájú abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni aṣọ àti ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ pa rẹ́. Bí ti apá òkè bá kún ṣùgbọ́n tí ti ojú pẹpẹ ti lọ, ó wà ní ipò tó wọ́pọ̀, iye owó àárín ni yóò gbà. Bí ó bá pé lókè nísàlẹ̀, iye rẹ̀ gòkè. Bí ó bá dúdú mọ́ránhìn-ín láìní òdòdó kankan, ẹ fura pé wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kùn ún. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ọ̀dà á ta sára orí síkúrù tàbí etí báàjì. Àwọn tó ń tún máṣíìnì ṣe máa ń kùn ún láti fi ṣojúure sí oníbàárà, wọn ò sì mọ̀ pé lójú agbáǹkanjọ, ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ yẹn gan-an ni ọjà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka ohun tó kù: àpótí onígi tó ń bò ó, kọ́kọ́rọ́ àpótí náà, ìwé kékeré tó bá a wá, fúùtì oríṣiríṣi tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Máṣíìnì tó ní gbogbo ìwọ̀nyí lè gba ìlọ́po méjì èyí tí kò ní. Ti àǹtí kò ní àpótí, wọ́n ti fi í dáná lọ́dún tí epo kẹrosíìnì wọ́n, ojú pẹpẹ rẹ̀ sì ti pa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a fi ń yí i ṣì wà, wíìlì rẹ̀ sì ń yí láìkọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ ní kí ẹni tó wà nílé yí wíìlì náà jẹ́jẹ́ síhà ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kí ẹ fi fídíò wò ó. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ lọ sókè sódò. Bí kò bá yí, ẹ má fipá yí i. Òróró tó ti gan ló sábà máa ń fà á, irin kò tíì ṣẹ́. Òróró tuntun ní gbogbo ojú ihò, kí ó sùn mọ́jú, ó sábà máa ń tú u.

Ìpele 5: Owó

Iye tí èèyàn kọ sára ọjà kì í ṣe iye ọjà. Ẹnì kan lè kọ £900 sára 99K lónìí, kó sì wà níbẹ̀ di ọdún mẹ́ta. Ohun tí ẹ ń wá ni iye tí ẹnì kan ti san. Lórí `eBay` ti Bírítéènì, ẹ tẹ `Singer 99K hand crank`, ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ àwọn ọjà sọ́tọ̀, kí ẹ sì yan `Sold items`. Gbogbo tí kò tíì tà á pòórá.

Ẹ mú mẹ́wàá tó jọ tiyín jù. Mẹ́wàá tí èmi àti àbúrò mi ṣẹ́ jọ rèé, láti kékeré sí ńlá: £18, £22, £25, £30, £34, £38, £40, £45, £60, £145. Ẹ má ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ pín sí mẹ́wàá, torí £145 yẹn máa gbé e ga lásán. Nígbà tí a ṣí i wò, ó wá pẹ̀lú àpótí, ìwé, àti fúùtì ogún. Àárín ni kí ẹ mú, ìyẹn láàárín £34 àti £38, £36. Ti àǹtí kò ní àpótí, òdòdó rẹ̀ sì ti pa, nítorí náà mo já a wá sí nǹkan bíi £25. Báàjì olétí búlúù kò fi nǹkan kan kún un. Wọ́n ṣe wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nínú ilé yín náà ni wọ́n pọ̀ nínú ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wá gbé e sórí ìwọ̀n. Òun àti pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 13. Ká ní ẹrù ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ £5 lórí kílò kan, £65 nìyẹn, fún ohun tí yóò pa £25 lọ́hùn-ún. Ọjà rẹ̀ kò sí ní Mansẹ́sítà. Nílé ló wà, lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi ránṣọ, tàbí ẹni tó fẹ́ gbé e sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ fún ẹwà. Iye ti ilé, ẹ lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn télọ̀ mẹ́ta tí kò mọ ara wọn, lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ má sì sọ pé ẹ fẹ́ tà.

Èyí tó yàtọ̀ ni 221K àti 222K. Méjèèjì kéré bí àpò ọwọ́, wọ́n fúyẹ́, nǹkan bíi kílò márùn-ún péré, pẹpẹ wọn sì ń ká sókè lápá òsì. Iná ni wọ́n ń lò. 221 jáde ní 1933. Ti 222K, ẹ lè yọ apá kan pẹpẹ rẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ ẹ̀wù wọ apá tó kù bí ìbọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń rán aṣọ alápapọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Bírítéènì ń du méjèèjì, 222K sì máa ń kọjá £400. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù láyé 1950 sí 1965, ẹ lọ wo òkè àpótí aṣọ wọn.

Ìkìlọ̀ ìkẹyìn nípa owó ni ti “mákúrì pupa”, nǹkan àròsọ kan tí wọ́n ní owó gọbọi ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, ariwo ta ní Saudi Arébíà pé mákúrì pupa wà nínú abẹ́rẹ́ Síńgà àtijọ́, pé tí fóònù bá kú nígbà tí ẹ gbé e súnmọ́ abẹ́rẹ́, ó wà níbẹ̀. Iye máṣíìnì kan fò dé ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ríyàálì, nǹkan bíi $50,000. Irọ́ pátápátá ni. Abẹ́rẹ́ irin lásán ni. Ṣùgbọ́n ariwo yẹn kò tíì kú, ó sì ti ràn mọ́ rédíò àtijọ́. Bí ẹnì kan bá pè yín pé òun á san mílíọ̀nù fún Síńgà yín ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ san owó àyẹ̀wò, ẹ mọ ohun tó ń ṣe.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ iye yín bí àlàfo, kì í ṣe òǹkà kan. Ti àǹtí jẹ́ £20 sí £30 lọ́hùn-ún. Bí àlàfo yín bá fẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, ẹ kò tíì mọ irú rẹ̀ tàbí bó ṣe wà dáadáa. Ẹ padà sí ìpele 3.

Láńtà àti rédíò

Ọ̀nà kan náà ni: àmì, ẹ̀yà ara, ipò, kí owó tó tẹ̀lé e.

Ti láńtà, orúkọ ilé iṣẹ́ wà lára irin, nísàlẹ̀ ibi epo tàbí lórí òrùlé rẹ̀, ó sì yẹ kí orúkọ kan náà wà lára gíláàsì. Gíláàsì tó jẹ́ ti ẹlòmíràn ń já iye rẹ̀ wálẹ̀. Bí láńtà Jámánì bá kọ ọ́ pé Ìwọ̀-oòrùn Jámánì, ó wà láàárín 1949 àti 1990, ìyẹn ìgbà tí orílẹ̀-èdè náà pín sí méjì. Ìpata ojú rẹ̀ kò burú, ihò ìpata ní ìsàlẹ̀ ibi epo ló burú. Ẹ ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀.

Ti rédíò, dáálì rẹ̀ ni kí ẹ yà, kí ẹ ka orúkọ àwọn ibùdó tó wà lára rẹ̀. Rédíò Gẹ̀ẹ́sì tó bá kọ `Light`, `Home` àti `Third` jáde láàárín 1946, nígbà tí `Third` bẹ̀rẹ̀, àti 1967, nígbà tí Bíbísì pa orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà. Àpótí Rẹ́dífúṣọ̀n tó wà lára ògiri láyé àtijọ́ kì í ṣe rédíò, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lásán ni, wáyà ló ń gbé ohùn wá bá a. Ohun tó ní ni bọ́tìnnì ohùn, kò ní dáálì.

Ẹ má ki rédíò onígílóòbù bọ iná láti fi hàn pé ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Àwọn ẹ̀yà ara oníbébà inú rẹ̀ ti gbó, wọ́n lè gbiná, irin ìsàlẹ̀ àwọn mìíràn sì máa ń gbé iná lára. Agbáǹkanjọ kò ní kí ó sọ̀rọ̀. Dípò ìyẹn, ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú páálí ẹ̀yìn rẹ̀ lórí, kí nọ́ńbà irú rẹ̀ hàn, kí ẹ fi wé ọdún tí dáálì sọ. Bí méjèèjì kò bá mu, àpótí ọ̀kan àti ikùn òmíràn lẹ ń wò.